Àwo Karùn-ún

Ọkọ̀ kékeré náà kúrò létí èbúté Badagry, ó ń fà lọ díẹ̀díẹ̀ sí apá Topo. Bísọ́lá jókòó níwájú, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń rìn. Àwọn igi àgbọn tó wà lódìkejì ló ń bọ̀ wá bá wọn, wọ́n ń rọra mi orí bí àgbàlagbà tó ń bọ̀ wá kí ni. Omi ọ̀sà dúró jẹ́ẹ́ bí epo tó ti dì. Ó ti tó bí oṣù kan tí nǹkan ti máa ń rí báyìí fún un. Ilẹ̀ á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn ènìyàn á máa ti ọ̀nà jíjìn wá, bó bá sì dìde lójijì, ìràwọ̀ á tú jáde níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó rò pé oyún ni. Ó tilẹ̀ ti ń gbádùn rẹ̀ díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń gbádùn oorun tí kò tíì dá lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Fàthíà, tó ń tọ́jú àwọn aboyún, sọ fún un pé kì í ṣe oyún nìkan.

"Ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, Ìyá Michael," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Kò tíì burú jù, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí lójoojúmọ́, ẹ má ṣe fò ó. Àmọ́ oògùn nìkan kọ́. Kí lẹ jẹ lánàá?"

Bísọ́lá ronú. Ó rántí pé Michael, ọmọ rẹ̀ àgbà, mu gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà kó tó lọ sílé ìwé. Ó rántí pé Jésùtófúnmi, àbúrò Michael obìnrin, jẹ ẹ̀bà tó sì da ọbẹ̀ sí aṣọ. Ó rántí orí ẹja tó wà nínú àwo Rewájú ọkọ rẹ̀, àti kókó gbígbóná tí Ìyá Dosi, ìyá ọkọ rẹ̀, mu níwájú ilé. Tirẹ̀ nìkan ni kò rí mú jáde.

"Mo mu gààrí," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Omi tútù."

Fàthíà kò bá a wí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó ní, "Gààrí á yó yín, àmọ́ kò ní kọ́ ara fún yín. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀pà, àwọn ni ń kọ́ ara. Ewébẹ̀ tútù ní tirẹ̀ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ẹ fi ọsàn tẹ̀lé e, ara á lè gba ohun tó wà nínú wọn dáadáa. Ẹ má mu tíì mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kó wọlé."

"Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ bàbá wọn ti bàjẹ́. Owó tó wà nílé kò pọ̀."

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jókòó, kí ẹ ro oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ti òní nìkan lẹ ń rò, gààrí lẹ ó máa rà, torí òun ló yá jù. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé, kí ẹ tó lọ sọ́jà."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bísọ́lá ń gbọ́ nínú etí rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Òṣíbàtà kan ń léfòó kọjá, ẹyẹ funfun kan dúró lórí rẹ̀, ó ń bá a lọ láì mi apá.

Rewájú dúró dè é ní èbúté Topo. Ọkọ̀ èrò ni tirẹ̀, ó ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí Badagry, ó sì ń gbé wọn bọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó kọ̀. Báyìí, ọkọ̀ náà dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, ẹ́ńjìnnì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun sì ń bá àwọn apẹja fa àwọ̀n láàárọ̀, kí wọ́n lè fún un ní ẹja díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì rí i bó ṣe di ọwọ́ náà mú pinpin kó tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Wọ́n fún mi lóògùn. Wọ́n ní ká máa jẹun dáadáa."

Rewájú wo ọkọ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn. Ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ láàárín àwọn igi àgbọn, ẹsẹ̀ wọn kò dún nínú iyanrìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bísọ́lá tẹ́ ẹní síwájú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń kọjá wá sí ọ̀sà. Aránṣọ ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ tó kéré sílẹ̀, tí wọ́n á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí apá, ọrùn àti ara á fi jáde nínú rẹ̀. Bó ṣe dùbúlẹ̀ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ojú. Ó rí ọjọ́ Àìkú, ó funfun, ó ń ta sánsán bí omi àgbọn. Ó rí ọjọ́ Ajé, ó pupa bí epo. Àwọn ọjọ́ yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n rọra ń yọ nínú ìkùukùu, kò sì sí èyí tó dá wá ní ọwọ́ òfìfo.

Ó kọ́kọ́ ro ohun tó wà nílé. Gààrí wà nínú ike, ìrẹsì kò tó kọ́ńgò kan. Àgbọn wà níbi gbogbo, wọn kì í rà á ní Topo. Igi ìbẹ́pẹ méjì ń so lẹ́yìn ilé, gbúre sì hù fúnra rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Adìẹ Ìyá Dosi ń yé ẹyin, bí wọ́n bá lè rí ibi tó fi í pamọ́ sí. Ẹ̀wà, àgbàdo fún ògì, ọ̀dùnkún, epo, ata, àlùbọ́sà, edé àti ẹja yíyan ló kù láti rà. Ọsàn náà, bó bá ṣe díẹ̀.

"Ìyá," ó pe ìyá ọkọ rẹ̀, tó jókòó sórí àpótí, tó ń ya ọ̀pá àgbọn fún ìgbálẹ̀. "Tí mo bá ra ẹ̀wà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé kòkòrò kò ní jẹ ẹ́?"

"Lọ́sẹ̀ kan péré?" Ìyá Dosi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gùn ni èdè tó fi dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń fà díẹ̀ lẹ́nu. "Sá a sóòrùn, dà á sínú ìgò tó gbẹ, dé e. Kí lo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀wà yẹn ṣe, ovi ṣie?"

Bí ìyá àgbà náà bá ti pè é ní ọmọ mi lédè Ẹ̀gùn báyìí, ọkàn Bísọ́lá máa ń rọ̀. Ó ṣàlàyé. Ẹ̀wà ọjọ́ Àìkú á wà pẹ̀lú ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, nítorí ìrẹsì àti ẹ̀wà bá ara wọn mu, ọ̀kan ń dí àlàfo èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn á din àkàrà fún ògì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà á tún bá ọ̀dùnkún pàdé nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú epo àti edé. Mọ́ínmọ́ín á wà lọ́jọ́bọ̀. Láàárín wọn, ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kí ẹ̀fọ́ má ṣe dá ọjọ́ kan sí.

"Ẹja tútù ńkọ́?"

"Ẹja tí Bàbá Michael bá mú bọ̀ lónìí, òní la ó jẹ ẹ́. A ò ní fíríìjì. Ẹja yíyan la ó fi pamọ́ de àwọn ọjọ́ ẹ̀yìn."

Ìyá Dosi mi orí. "O ti ro ó re," ló wí, ó sì ń bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọjà Agbálàtà, Bísọ́lá àti Rewájú jọ lọ. Ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà sí etí ìró rẹ̀. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ rà, nígbà tí owó ṣì wà lódindi, torí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ́kọ́ bọ́ sí ìdí ẹja, ẹ̀wà lòun ó dín kù. Rewájú fẹ́ ra ẹja ńlá kan tó ń dán bí abẹ. Bísọ́lá gbé e wò, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ ra ṣàwá yíyan, kéékèèké, èyí tí wọ́n lè gún mọ́ eegun rẹ̀.

"Eegun yẹn gan-an dára fún ọmọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì Fàthíà ló wí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ń rìn káàkiri títí oòrùn fi wọ́ sẹ́yìn, tí àwọn alátà bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó tòmátò tó ti rọ̀ kù. Bísọ́lá ra apẹ̀rẹ̀ kan nínú rẹ̀. Ariwo ọjà wà lókè orí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn wà lábẹ́ omi tí àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ lókè. Ó dùn mọ́ ọn. Àwọ̀ ata, àwọ̀ ẹ̀wà, àwọ̀ ọsàn ń wọ inú ara wọn, ó sì dàbí pé òun lè na ọwọ́, kí òun ká gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bí aṣọ, kí òun sì gbé e sórí.

Nígbà tó délé, ó gún ata àti tòmátò náà pọ̀, ó sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ó sì fi epo bò ó lójú kó má bàa kan. Láràárọ̀ ló ń gbé e kaná padà. Ó di ẹja yíyan sínú ìwé, dídì kan fún ọjọ́ kan, ó sì so wọ́n kọ́ òkè àdògán, níbi tí èéfín á ti máa kàn wọ́n. Bó ṣe ń dì wọ́n, ó ń pe orúkọ sínú ara rẹ̀. Bàbá Michael. Ìyá. Michael. Jésùtófúnmi. Ó so ó. Bàbá Michael. Ìyá. Michael. Jésùtófúnmi. Orúkọ wọn dàbí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, òórùn ìrẹsì alágbọn gba gbogbo àdúgbò, Rewájú sì mú ẹja tútù bọ̀ láti ìdí àwọ̀n. Ìyá Dosi fi tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tútù ṣe mọ́yò, ọbẹ̀ àwọn Ẹ̀gùn, lé e lórí. Lọ́jọ́ Ajé, àkàrà yọ. Ẹ̀wà ti sùn sínú omi mọ́jú, ó yára bó, ó yára kúnná, kò sì jẹ igi púpọ̀. Michael, tó máa ń sùn nílé ìwé lẹ́yìn gààrí, wá ròyìn pé òun ṣe ìṣirò láì sùn. Gbúre wọ inú ọbẹ̀ nígbà tí ìkòkò ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó má bàa jinná jù. Ìbẹ́pẹ ń pọ́n lẹ́yìn ilé, ó ń rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹnì kan ti sọ fún un pé kó má ṣe pọ́n pọ̀.

Bísọ́lá ló ń bu oúnjẹ. Bó bá bu ún tán, á jókòó ti ìkòkò, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ. Ẹnu wọn ń dán. Ó máa ń fi ẹ̀bà nu ìdí ìkòkò, á ní èyí tó òun, torí epo ṣì wà níbẹ̀, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ń jẹ ọsàn rẹ̀. Kò sì mọ ìdí tí àwọn ìràwọ̀ náà kò fi tíì lọ.

Lọ́jọ́rú ni Sagbo dé láti Ikoga. Ẹ̀gbọ́n Rewájú ni, àgbẹ̀ ni, ènìyàn gíga tó máa ń wọlé bí afẹ́fẹ́. Ó gbé ìdì ẹ̀gẹ́ kan dání, ó ní òun wá wo ẹ́ńjìnnì àbúrò òun, bóyá òun lè ràn án lọ́wọ́. Ìyá Dosi dìde pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀bà ló wà lórí iná, pẹ̀lú dídì ẹja ọjọ́ náà.

"Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sagbo wí. "Òórùn ọbẹ̀ yín ló fà mí láti etí omi."

"Ẹ káàbọ̀, Bùọ̀dá. Ẹ jókòó, oúnjẹ ti jinná."

Bísọ́lá wo inú ìkòkò. Ẹja mẹ́rin. Àlejò dé, ènìyàn márùn-ún ló fẹ́ jẹun. Ó tú dídì ọ̀la, ó mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó jù ú sínú ọbẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ọ̀la á rọ́jú, ló wí nínú ara rẹ̀. Ó bu oúnjẹ, ó na tàwọn ọkùnrin sí wọn, ó to ìyókù sórí àwo pẹrẹsẹ kan, ó sì dìde.

Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò dúró mọ́. Ó rí ẹnu ọ̀nà tó ń lọ sẹ́yìn. Ó rí Ìyá Dosi tó la ẹnu, kò sì gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan yọ, ó dára, ó tutù bí ọ̀sà lówùúrọ̀, ó sì rò pé òun kàn fẹ́ jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ti ara ògiri, ó yọ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ̀bà yí dànù sórí iyanrìn.

Nígbà tí ohùn padà sí etí rẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Rewájú, Sagbo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, Jésùtófúnmi sì ń ké. Ikùn rẹ̀ kò dùn ún. Ọmọ inú rẹ̀ rọra yí, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gbẹ́ tó dára lórí ẹní.

"Ó ń mira," ó wí fún wọn. "Ẹ má bẹ̀rù."

"Kí lo jẹ lónìí?" Ìyá Dosi ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kò fà mọ́.

"Mo jẹ... Ìyá, mo jẹ ọsàn."

"Ọsàn. Àná ńkọ́?"

Bísọ́lá wo ìkòkò. Ìyá Dosi dìde lọ sídìí àdògán. Ó wo ìkòkò tó ti ṣófo. Ó wo òkè, ó já àwọn dídì ẹja tó kù sílẹ̀, ó sì tú wọn lórí itan rẹ̀. Tọ̀la ku mẹ́ta. Ó wo tọ̀túnla: mẹ́rin. Ti Àbámẹ́ta: mẹ́rin.

"Mẹ́rin," ló wí. "Rewájú, ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé yìí?"

"Márùn-ún, Ìyá."

"Ìyàwó rẹ di ẹja fún mẹ́rin. Láti ọjọ́ tó ti ń ro ọ̀sẹ̀ yìí, tó ń sọ ọ́ fún mi, tí mo ń mi orí bí aláǹgbá, ènìyàn mẹ́rin ló ń bọ́. Kò ka ara rẹ̀. Èmi náà kò kà á."

Rewájú wo àwo tirẹ̀, èyí tí kò dànù, ẹja tó tóbi jù lọ ló wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀. Ó gbé e, ó gbé e síwájú Bísọ́lá.

"Jẹun," ó wí.

"Tiyín ni, Bàbá Michael."

"Mo ní jẹun, jọ̀ọ́."

Sagbo náà gbé tirẹ̀ wá. "Ìyàwó, mo ti jẹ ẹ̀gẹ́ sísun ní Ikoga kí n tó kúrò," ló wí. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó já a.

Bísọ́lá jẹun. Ó pẹ́ kó tó jẹ ẹja odindi kan láìfi ọwọ́ gé e fún ẹlòmíràn. Iyọ̀ rẹ̀, èéfín rẹ̀, kíkorò díẹ̀ tó wà ní ikùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń wọlé sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun ń sunkún fún.

Lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin lọ wo ọkọ̀ létí omi, Ìyá Dosi jókòó tì í lórí ẹní.

"Mo ní oyún kan láàárín Sagbo àti ọkọ rẹ," ló wí. "Kò dúró. Nígbà yẹn, ìdí ìkòkò lèmi náà ń nu. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin rere kì í jẹun ṣáájú ilé. Èmi náà gbà pé ìwà ni. Mi ò mọ̀ bóyá ebi ló mú un lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Àmọ́ mo máa ń rò ó. Nígbà tí mo rí ọ nílẹ̀ lónìí, mo tún rí ara mi."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún."

"Mi ò sunkún. Àwo mélòó lo ní nílé yìí?"

"Mẹ́fà."

"Ó dára. Láti òní lọ, èmi ló ń bu oúnjẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìkòkò, Ìyá Dosi tẹ́ àwo sílẹ̀ lórí ẹní, ti Bísọ́lá ló kọ́kọ́ tẹ́. Ó sì rí i pé ẹja kò ní tó bí wọ́n bá ń bù ú ní ègé. Ó kó gbogbo ẹja tó kù, ó gún un mọ́ eegun nínú odó pẹ̀lú edé, ó kó o sínú ìgò. Síbí kan wọ inú mọ́ínmọ́ín, síbí kan wọ inú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, kò sì sẹ́ni tó tún ń wá ẹja nínú àwo ẹnìkejì, torí ó wà nínú gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bísọ́lá rí i pé ẹ̀wà á ku díẹ̀ bí wọ́n bá jẹ ẹ̀gẹ́ Sagbo dípò rẹ̀. Wọ́n bọ ẹ̀gẹ́, wọ́n fi àgbọn tútù àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹyin tí Michael rí lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀, nínú ihò kan tí adìẹ gbẹ́. Ẹyin náà pé méje. Ìyá Dosi ní kí wọ́n kọ́kọ́ jù wọ́n sómi wò. Ọ̀kan léfòó, wọ́n sọ ọ́ nù. Ìyókù rì.

Nígbà tí Àbámẹ́ta fi dé, kò sí oúnjẹ púpọ̀ nílé, àmọ́ kò sì sẹ́ni tí ebi ń pa. Ìrẹsì tó kù, ẹ̀wà tó kù, ata tó kù, gbogbo rẹ̀ wọ ìkòkò kan. Wọ́n jẹ ẹ́ níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, Rewájú sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀ dípò àga tó máa ń dá jókòó lé.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" ó bèèrè.

"Owó á kéré sí i," Bísọ́lá wí.

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó."

Wọ́n jọ rò ó. Ó yà á lẹ́nu pé ọkọ rẹ̀ mọ iye ẹja tí wọ́n ń fún un létí àwọ̀n, àti àwọn ọjọ́ tí omi máa ń le tí wọn kì í rí nǹkan kan mú. Wọ́n to ẹ̀wà sí àwọn ọjọ́ tí omi máa ń le. Ìyá Dosi ní òun á gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé, ní ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí.

Nígbà tí oṣù kan pé, Bísọ́lá padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fàthíà. Wọ́n gún un lọ́wọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Fàthíà wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ó ti gòkè. Kò tíì pé o, ẹ má dá oògùn dúró. Àmọ́ ó ti gòkè dáadáa. Kí lẹ jẹ lánàá?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Bísọ́lá kò ronú rárá. Ó sọ ọ́ láti àárọ̀ títí dé alẹ́: ògì àti àkàrà, ìbẹ́pẹ, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gún ẹja sí, ọsàn kan lẹ́yìn rẹ̀. Aboyún kan tó jókòó létí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí ògì náà ṣe ń rí, ṣé ó máa ń fi ẹ̀pà sí i, èló ni wọ́n ń ta ẹ̀wà báyìí. Bísọ́lá yí àga rẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ hàn án bí ẹni tó ń wọn aṣọ.

Níta, òjò ti ń kùn lókè òkun, kò tíì rọ̀. Ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dìde. Ó dúró díẹ̀ kó rí i dájú, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dúró. Ọmọ inú rẹ̀ ta á ní ìpá gan-an, tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Obìnrin kejì rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, Bísọ́lá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ jáde sínú afẹ́fẹ́ òjò.